Òrí Tàmálè fún Màmá ní Lọ́ńdọ̀nù: Èwo Ni Ká Fi Ránṣẹ́?

Ẹ̀bùn fún àgbàlagbà tó ń gbé lókè òkun kò ṣòro rà. Ohun tó ṣòro ni kí ẹ̀bùn náà dé ọwọ́ rẹ̀ láìbàjẹ́, kí ó wúlò fún un lójoojúmọ́, kí ó sì rí irú rẹ̀ rà níbi tó wà nígbà tí ó bá tán. Ohun mẹ́ta yìí ni àwa ará ilé wa ní Tàmálè jíròrò lé lórí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ó ku oṣù kan àbọ̀ kí Màmá Pẹ́kàmù pé ọdún 84.

Nítorí pé àdúgbò Pẹ́kàmù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá wa àgbà ni. Tàmálè níbí ló ti ń ta aṣọ nígbà tí ìjọba Busia kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò ní àríwá Gánà, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà, ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀ nígbà náà. Bàbá wa àgbà padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Màmá kò padà mọ́. Ó gbé Èkó, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí a bi í léèrè lórí fóònù pé kí la lè fi ránṣẹ́, ó ní, “Ẹ má fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi mọ́ o. Ibo ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ? Ara ló ń yún mi. Bí òtútù bá ti dé, ńṣe ni mò ń họ ẹsẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹ bá mi wá òrí Tàmálè, èyí tó ń ta sánsán bí èéfín.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn di ọ̀rọ̀ òrí. Ẹni tó bá mọ Tàmálè yóò sọ pé ìyẹn ò le rárá, ṣebí ilé òrí la wà. Ṣùgbọ́n oríṣi òrí tó wà níbí kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀nà tó fi ń dé Lọ́ńdọ̀nù náà kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tí òrí ń ṣe lára àgbàlagbà

Bí èèyàn bá ń dàgbà, òróró tí awọ ara fúnra rẹ̀ ń sun jáde ń dín kù, omi sì ń tètè gbẹ kúrò nínú awọ. Nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, afẹ́fẹ́ ìta gbẹ, hítà inú ilé sì tún ń gbẹ afẹ́fẹ́ ilé. Ojúgun àti apá ló máa ń kọ́kọ́ fún, tí yóò máa hó, tí yóò sì máa yún.

Òrí kì í fi omi sínú awọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo omi tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má bàa fò lọ. Ìdí nìyí tí kò fi wúlò púpọ̀ bí a bá fi ra awọ tó ti gbẹ táútáú. Lẹ́yìn ìwẹ̀ gan-an ni, nígbà tí a ti fi tówẹ̀lì nu ara tán ṣùgbọ́n tí awọ ṣì tutù díẹ̀, ló yẹ kí a mú ìwọ̀nba díẹ̀, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, kí a sì fi pa ara. A kọ èyí sínú lẹ́tà tí a fi bá ẹ̀bùn náà rìn, nítorí Màmá ti sọ fún wa pé alẹ́ nìkan lòún máa ń pa ìpara, nígbà tí ìyún bá ti jí òun.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà níwájú wa

Ọ̀nà kìíní ni kí a lọ sí ọjà Àbóàbó, kí a ra òrí tí àwọn obìnrin Dàgọ́ńbà fi ọwọ́ ṣe. Òun ni Màmá ní lọ́kàn. Wọ́n ń ṣa kóró rẹ̀ nígbà òjò, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n ń pa á, wọ́n ń yan án, wọ́n ń lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi omi pò ó títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó, kí wọ́n tó gbé e kaná. Láti inú yíyan àti iná igi yìí ni òórùn èéfín náà ti ń wá. Kò wọ́n, ó sì dára.

Ọ̀nà kejì ni òrí tí ilé-iṣẹ́ kan níbí ti dì sínú ike, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Èyí táwọn ará Tàmálè mọ̀ dáadáa ni TAMA, ti ilé-iṣẹ́ SeKaf. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn wà níbí tó jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń kó òrí lọ ní ẹrù ńlá ńlá. Ìdílé tó fẹ́ ike méjì kọ́ ni oníbàárà wọn.

Ọ̀nà kẹta ni kí a má fi nǹkan kan ránṣẹ́ rárá láti ibí, kí a sanwó lórí ẹ̀rọ ayélujára, kí ilé-ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Ó sì dùn mọ́ wa pé a lè ṣe èyí láìjìnnà sí Tàmálè: láti ọdún 1994 ni The Body Shop, ilé-iṣẹ́ tí Anita Roddick dá sílẹ̀ ní Bráítìnnì lọ́dún 1976, ti ń ra òrí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Tungteiya ní agbègbè wa yìí. Ẹni tó bá ra ìpara olórí tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá kan tí kò jìnnà sí ilé wa ló ń fi pa ara.

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí ó jẹ́ ti ọjà Àbóàbó nítorí òun ni Màmá béèrè. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní kí a ra ti Lọ́ńdọ̀nù nítorí kò ní sí wàhálà pósítì. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà wá láti ibi tí a kò fọkàn sí. Ọmọ Màmá sọ fún wa pé olùtọ́jú kan ń wá sílé láràárọ̀ láti bá a wẹ̀, pé obìnrin náà sì ti sọ gbangba pé òun kò ní fi ohunkóhun tí kò ní àkọlé pa àgbàlagbà lára. Bí ara bá léròrò lọ́la, wọn yóò bi í pé kí ló fi pa á, kò sì ní rí èsì fọ̀. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Òrí inú ọ̀rá láti Àbóàbó, bó ti wù kí ó dára tó, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò wà. Nítorí náà, ohun tí Màmá ń fẹ́ gan-an ni kí a wá, ṣùgbọ́n nínú ike tó ní àkọlé.

Ka ẹ̀yìn ike, má ka iwájú rẹ̀

Iwájú ike ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òtítọ́ wà. Orúkọ tí àwọn oníṣòwò ìpara kárí ayé ń kọ fún òrí ni Butyrospermum Parkii Butter. Wọ́n sì máa ń to èròjà láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ sí èyí tó kéré. Bí ó bá jẹ́ pé omi, tí wọ́n ń kọ ní Aqua, ló ṣáájú, ìpara ni ohun tí ẹ mú lọ́wọ́, òrí kàn wà nínú rẹ̀ ni. Ìyẹn kò burú. Ó rọrùn láti pa, kì í sì í lẹ̀ mọ́ aṣọ tó òrí gidi. Bí ẹ bá sì rí Parfum, òórùn tí wọ́n fi kún un nìyẹn. Òórùn àfikún wà lára ohun tó máa ń bí awọ tó ti gbẹ, tó sì ti bó, nínú.

A gbé ike mẹ́ta kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìkíní ní omi àti òórùn àfikún. Ìkejì ní òrí pẹ̀lú òróró mìíràn àti òórùn. Ẹ̀kẹta ní orúkọ kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, Butyrospermum Parkii Butter, ọ̀rọ̀ náà unrefined sì wà lára rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò tíì fi ẹ̀rọ bó òórùn àti àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀kẹta la mú.

Lẹ́yìn náà la ṣí i wò. Òrí tó dára máa ń jẹ́ àwọ̀ eérú tó mọ́ tàbí funfun tó pọ́n díẹ̀. Òrí pupa rẹ́súrẹ́sú wà lọ́jà níbí. Ní àríwá Gánà, gbòǹgbò igi kan tí wọ́n ń pè ní bòrùtútù ni wọ́n sábà máa ń fi pa á láró. Kì í ṣe pé ó dára ju èyí tó funfun lọ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn èéfín tàbí ti ẹ̀pà yíyan dára, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kan bí òróró tó ti pẹ́, ó ti bàjẹ́. Ẹ mú díẹ̀ sáàárín ìka méjì: ó yẹ kí ó yọ́ tán. Bí kóró kéékèèké bá wà nínú rẹ̀ tó sì yọ́ bí ẹ ti ń fi ìka rà á, kò sí ewu. Ó ti yọ́ rí ni, ó sì tún dì díẹ̀díẹ̀, tí apá tó le nínú ọ̀rá náà fi kọ́kọ́ dì ṣáájú ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá yọ́, yanrìn tàbí pàǹtí ni.

Dídì í fún ìrìn-àjò

Ọ̀tá òrí lójú ọ̀nà ni ooru. Bí ooru bá ti tó bíi 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, òrí yóò máa yọ́, bẹ́ẹ̀ ooru Tàmálè nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin máa ń súnmọ́ 40. Aládùúgbò wa kan fi òrí inú ọ̀rá ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Páálí lásán tó ti mu ọ̀rá ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, pẹ̀lú ìwé àdírẹ́sì tí kò ṣeé kà mọ́. Ó dára pé oṣù Kejìlá, nígbà ọyẹ́, ni ọjọ́ ìbí Màmá bọ́ sí.

Ike oníwọ̀n gíráàmù 250 méjì la rà, a kò ra oníwọ̀n 500 kan. Bí ọ̀kan bá fọ́, èkejì yóò dé. Ọwọ́ àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn tún lè ṣí ike kékeré ju ńlá lọ. A rí i pé ìdérí rẹ̀ jẹ́ èyí tí a ń lọ́, kì í ṣe èyí tí a ń fi agbára já. A gbé méjèèjì sínú fíríìjì mọ́jú kí wọ́n lè le dáadáa. A fi sẹlotéèpù yí etí ìdérí ká, a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá méjì, a sì fi aṣọ ìnuwọ́ tuntun wé wọn kí wọ́n má bàa máa gbá ara wọn nínú páálí.

Bí ó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń bá yín gbé e lọ, ẹ sọ fún un kí ó fi í sínú àpótí tí ó ń fi sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ka òrí mọ́ ìpara, èyí tó bá sì ju mílílítà 100 lọ nínú báàgì ọwọ́, wọ́n lè gbà á.

Ìwé tí a ń kọ sára páálí

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọn yóò fún yín ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù láti kọ ohun tó wà nínú páálí, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye rẹ̀. Ẹ má kọ “òrí” síbẹ̀. Ẹni tí yóò kà á ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ ọ́n, láìsí àmì ohùn pàápàá, ọmọ Yorùbá fúnra rẹ̀ lè kà á sí orí ọrùn. Ohun tí a kọ nìyí:

```
2 x 250 g shea butter for skin, birthday gift
1 x cotton towel, birthday gift
```

Ọ̀rọ̀ gift yẹn ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ kò ju pọ́ùn 39 lọ kì í san owó kọ́sítọ́ọ̀mù tàbí owó-orí ọjà. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni wọn yóò gba owó-orí ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá 20 nínú 100, tí ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá yóò sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Fún àgbàlagbà, ìwé kékeré tí wọ́n ń já sílẹ̀ pé kó wá sanwó kó tó gba ẹ̀bùn rẹ̀ yìí ló ń ba ayọ̀ jẹ́. Iye ẹrù tiwa kò tó pọ́ùn 20. Ẹ kọ iye tó jẹ́ òtítọ́.

Kí òfin tó ka nǹkan sí ẹ̀bùn, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí èèyàn. Bí ẹ bá rà á lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan ní Gánà, tí ilé-iṣẹ́ náà sì fi ránṣẹ́ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù, ọjà títà ni wọn yóò kà á sí, ìdáǹdè pọ́ùn 39 yẹn kò sì sí fún un. Ìdí nìyí tí a fi rà á sílé ná, tí a sì fi ọwọ́ ara wa gbé e lọ sí pósítì.

Nígbà tí ó bá tán ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló mú wa ṣírò. Bí olùtọ́jú bá ń mú ṣíbí ìrotíì kan láàárọ̀, tí Màmá sì ń lo kan lálẹ́, bíi gíráàmù 10 lóòjọ́ nìyẹn. Gíráàmù 500 yóò tán ní àádọ́ta ọjọ́. Òtútù ibẹ̀ sì ń tó oṣù márùn-ún. Bí a bá fẹ́ máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láti Tàmálè, owó pósítì yóò jẹ owó òrí mọ́lẹ̀, Màmá yóò sì máa dúró de páálí nígbà tí ara ń yún un.

Nítorí náà la ṣe pín ẹ̀bùn náà sí méjì. Ike méjì Tàmálè jẹ́ ti ọjọ́ ìbí. Ní ti ìyókù, a ní kí ọmọ rẹ̀ lọ sí Ráì Léènì, òpópónà ọjà Pẹ́kàmù tí àwọn ará Áfíríkà ti ń tajà, kí ó wá òrí tó ní àkọlé, tó sì ní orúkọ kan ṣoṣo lẹ́yìn. A fi fọ́tò ẹ̀yìn ike tiwa ránṣẹ́ sí i kí ó lè fi wé e. The Body Shop wà gẹ́gẹ́ bí àtìlẹ́yìn, ṣùgbọ́n a fi í sí ipò kejì nítorí ohun méjì. Èkíní, ìpara olórí tí a mọ̀ mọ́ wọn ní òórùn àfikún. Èkejì, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2024, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù pa kí olówó tuntun tó gbà á lọ́dún kan náà. Ẹni ọdún 84 tó ń fi ọ̀pá rìn nílò ṣọ́ọ̀bù tó súnmọ́ ọn.

Ohun tó gbọ́dọ̀ bá òrí rìn

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nípa òrí. Lọ́dún 2018, MHRA, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ pé ìpara ọlọ́ràá tí ó bá ti mu sínú aṣọ àti aṣọ ibùsùn máa ń mú kí aṣọ náà tètè gbiná, kí iná náà sì yára ràn. Wọ́n ní kì í ṣe ti ìpara tó ní ọ̀rá epo rọ̀bì nìkan. Fífọ aṣọ lè dín in kù, ṣùgbọ́n ó lè má mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni àgbàlagbà tí kò lè tètè bọ́ aṣọ tàbí sá.

Màmá kì í mu sìgá, ṣùgbọ́n gáàsì ló fi ń dáná, ó sì máa ń tan àbẹ́là nígbà àdúrà. A fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ ní Yorùbá sínú lẹ́tà rẹ̀: kí ó má súnmọ́ gáàsì tàbí àbẹ́là pẹ̀lú aṣọ tí òrí ti mu, kí wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ ìsùn àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ̀ léraléra. A fi kún un pé kí ó má fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó tó dìde rìn, nítorí ìyọ̀tẹ̀rẹ́, àti pé kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá pa ojúgun tán. Bí ibì kan bá pupa, tó gbóná tàbí tó ń ṣomi, dókítà ni kí wọ́n pè, kì í ṣe òrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ìyún náà kò bá dẹwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kan, nítorí àìsàn inú ara mìíràn wà tó máa ń fi ìyún hàn.

Páálí náà dé kí ọjọ́ ìbí tó pé, láìjò. Olùtọ́jú ka ẹ̀yìn ike, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa Màmá láràárọ̀. Nígbà tí a pe Màmá, ó ní òun gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó tú ọ̀rá rẹ̀ tán. Ó ní kí a kí àwọn obìnrin tó ṣe é, ó sì béèrè bóyá igi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù òun àtijọ́ ṣì wà. A kò tíì rí i, ṣùgbọ́n a ti ń wá ẹni tó mọ ibẹ̀.